Mo fẹ́ fi òdiwọ̀n ọjà tó kéré jù lélẹ̀, kí n sì máa gbé ọjà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá rà púpọ̀: báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi?

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ oníṣòwò. Ẹja àrọ̀ yíyan ni mò ń tà láti Ẹ̀pẹ́. Ọjà Olúwo ni mo ti ń ra ẹja tútù, ilé ni mo ti ń yan án, mo sì ń dì í ní páàkì onídajì kílò fún àwọn tó ń béèrè rẹ̀ lórí Wásáàpù, tí púpọ̀ nínú wọn ń gbé ní Lẹ́kí, Súrùlérè, Ìkẹjà àti Ìkòròdú. Páàkì kan jẹ́ 6,500 náírà. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ páàkì kan ṣoṣo, mo sì ń gba 2,500 náírà láti gbé e dé ilé, ibi yòówù kí ilé náà wà ní Èkó.

Láìpẹ́ yìí ni mo kíyè sí i pé ọjà ń lọ, ṣùgbọ́n owó kì í dúró lọ́wọ́ mi. Mo ṣí ìwé mi, mo sì rí i pé bí mo bá ro owó ọkọ̀ láti gáréèjì Ẹ̀pẹ́ pọ̀ mọ́ owó ráídà tó ń gba ẹrù náà lọ́wọ́ awakọ̀ tó sì ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, 4,200 náírà ni mò ń san lórí ẹrù kan ní ìpíndọ́gba. Nítorí náà mo fẹ́ fi lélẹ̀ pé n kò ní gbé ohun tó dín ní páàkì mẹ́ta mọ́, àti pé ẹni tó bá ra páàkì márùn-ún kò ní san owó gbígbé rárá. Ṣé iye yìí tọ̀nà? Báwo ni n ó sì ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé mò ń lé àwọn tó ti ń bá mi ra ọjà bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí n kò sì ní parọ́ fún wọn?

Onígaàrí_Ìtọ́ìkín

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ ka gbogbo páàkì tí ẹ tà ní oṣù mẹ́ta, kí ẹ pín in sí iye ìgbà tí àwọn ènìyàn rà á. Ohun tó bá jáde ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Bí èmi ṣe ṣe tèmi lọ́dún tó kọjá nìyẹn, kò sì yọ mí lẹ́nu. Ní ti ìdí, ẹ sọ pé epo ló wọ́n. Gbogbo wa la rántí pé kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, bẹntiróòlù kò wọ́n tó báyìí. Kò sí oníbàárà tí yóò bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Alágbọn_Àgbádárìgì

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Òróró àgbọn ni mò ń ṣe níhìn-ín, ẹni tó ń ta ìgò fún mi sì ṣe irú nǹkan yìí sí mi. Mo kó owó ìgò 100 lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí kò bá ra 500 kò ní rí ìgò rà. Mo béèrè ìdí, wọ́n ní ìlànà ilé-iṣẹ́ ni. Mo ti fún òróró sílẹ̀, ó sì wà nínú kẹ́ẹ̀gì fún ọjọ́ mọ́kànlá kí n tó rí ibòmíràn. Ohun tí mo rí sí i ni pé kí ẹ wá èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ jọ ń ra irú ọjà kan náà, kí ẹ pa owó yín pọ̀, kí ẹ lè tó iye tí ẹni tó ń tà fún yín ń fẹ́.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n Alágbọn. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ fi òdiwọ̀n lélẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń tà fún mi, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́, nítorí ó jẹ́ kí n rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún.

Onígaàrí, mo ti ka tèmi. Ní oṣù mẹ́ta, ìgbà 60 ni wọ́n rà á, gbogbo páàkì tó jáde sì jẹ́ 175. Bí mo bá pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta, ibẹ̀ ni mo ti mú mẹ́ta jáde.

Ọlọ́ṣẹ_Ìkòròdú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi mẹ́ta lélẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń fi ọṣẹ dúdú ránṣẹ́ láti Sábọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti yí òdiwọ̀n tèmi padà. Ìpíndọ́gba yẹn ni mo lò nígbà àkọ́kọ́, ó sì ṣì mí lọ́nà. Ẹ to ìgbà 60 yẹn láti orí ẹni tó ra kéré jù dé orí ẹni tó rà jù, kí ẹ sọ iye ìgbà tí wọ́n ra páàkì kan, méjì, mẹ́ta, títí lọ. Ẹ sì sọ iye tó ń kù fún yín lórí páàkì kan lẹ́yìn owó ẹja, igi, àti ẹni tó ń bá yín yan án, àti iye tí páálí, ọ̀rá àti téèpù ń gbà lórí ẹrù kan.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

Ìgbà 22 ni wọ́n ra páàkì kan, ìgbà 14 ni wọ́n ra méjì, ìgbà 11 ni wọ́n ra mẹ́ta, ìgbà 7 ni wọ́n ra mẹ́rin, ìgbà 4 ni wọ́n ra mẹ́fà. Ìgbà méjì tó kù, ogún ogún páàkì ni wọ́n rà, nítorí ayẹyẹ. Ohun tó ń kù lórí páàkì kan jẹ́ 1,300 náírà, páálí àti ohun tí mo fi ń dì í sì jẹ́ 450 lórí ẹrù kan. Páàkì mẹ́fà ló ń wọ inú páálí kan.

Ọlọ́ṣẹ_Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni méjì tó ń ṣe ayẹyẹ ló gbé ìpíndọ́gba yín sókè dé ẹ̀bá mẹ́ta. Bí ẹ bá to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó wà láàárín gan-an, páàkì méjì ló rà. Ìgbà 36 nínú 60 ni wọ́n ra kan tàbí méjì. Bí ẹ bá fi mẹ́ta lélẹ̀, ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tó ju ìdajì lọ nínú ìgbà tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ yín, bẹ́ẹ̀ páàkì kan nìkan ló ń pa yín lára.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹrù kan ń gba 4,200 fún gbígbé àti 450 fún páálí, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,650. Lórí páàkì kan, ẹ ń rí èrè 1,300, ẹ sì ń gba 2,500 lọ́wọ́ oníbàárà, ó di 3,800. Àdánù 850 ni ẹ ń jẹ nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé páàkì kan jáde, ìgbà 22 sì sọ ọ́ di 18,700. Lórí páàkì méjì, 450 ló ń kù fún yín. Ó kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe àdánù. Lórí mẹ́ta, 1,750 ló ń kù. Lórí mẹ́rin, 3,050. Nítorí náà, méjì ni òdiwọ̀n tí ìwé yín fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí.

Ẹ wá wo márùn-ún tí ẹ fẹ́ máa gbé lọ́fẹ̀ẹ́. Èrè orí márùn-ún jẹ́ 6,500. Ẹ yọ 4,650 kúrò, ó ku 1,850. Oníbàárà tó máa ń ra mẹ́rin tẹ́lẹ̀, tó ń fi 3,050 sílẹ̀ fún yín, yóò ra ọ̀kan sí i nítorí ọ̀fẹ́ náà, ẹ ó sì rí i pé ẹja tó jáde pọ̀ sí i, èrè sì fi 1,200 dín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe, nítorí pé ohun tí a máa ń wò ni bóyá ọ̀fẹ́ náà ń mú èrè wá, a kì í wo ohun tí oníbàárà yẹn kan náà ìbá ti rà tẹ́lẹ̀. Lórí mẹ́fà, 3,150 ló ń kù. Ẹni tó gòkè láti mẹ́rin dé mẹ́fà kò ṣe yín ní àdánù, ẹni tó gòkè láti mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èrè yín di ìlọ́po méjì, páálí kan náà sì gba gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé àwọn tó ti ń ra mẹ́fà tàbí ogún láìbéèrè ọ̀fẹ́ yóò gba ọ̀fẹ́ náà pẹ̀lú. Ìgbà mẹ́fà ni ní oṣù mẹ́ta, ìyẹn 15,000 tí kò ní wọlé mọ́. Ohun tí ẹ dá dúró lórí páàkì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìyẹn lọ tán. Nítorí náà, òdiwọ̀n kékeré nìkan ni èrè tó dájú. Ti ọ̀fẹ́ náà, ìrètí ni pé àwọn tó ń ra mẹ́ta àti mẹ́rin yóò gòkè, bí wọn kò bá sì gòkè láàárín oṣù mẹ́ta, kí ẹ dá a dúró.

Onígaàrí_Ìtọ́ìkín

Mo gbà pé ìpíndọ́gba lè tan ènìyàn. Ti gaàrí tèmi, àpò ni wọ́n máa ń rà, bóyá ìdí nìyẹn tí n kò fi rí i. Síbẹ̀, mi ò rí ohun tó burú nínú kí wọ́n sọ pé epo ni.

Ọlọ́ṣẹ_Ìkòròdú

Epo wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí páàkì kan kò fi gbọ́dọ̀ lọ mọ́. Bí epo bá ṣe ìdí, owó gbígbé ló yẹ kó gòkè fún gbogbo ènìyàn, ẹni tó ra ogún páàkì pẹ̀lú. Oníbàárà tó bá ronú díẹ̀ yóò mọ̀ pé ìdáhùn náà kò bá ìbéèrè mu. Lọ́jọ́ tí epo bá sì fi 50 náírà dín, wọn yóò kọ̀wé sí yín pé kí ẹ dá a padà sí bó ti wà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo yí tèmi, mo kọ ọ́ pé dọ́là ló fà á, bẹ́ẹ̀ eérú àti òróró inú ọṣẹ mi kò kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá. Oníbàárà mi kan, ìyá àgbàlagbà kan ní Òdogùnyàn, fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè lọ́wọ́ mi pé èwo nínú ọṣẹ náà ni mo fi dọ́là rà. Kò jà, kò bú mi, ṣùgbọ́n kò rà á lọ́wọ́ mi mọ́, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ìdí tòótọ́ ti Ẹ̀pẹ́ rọrùn láti sọ, gbólóhùn méjì péré ni. Gbígbé ẹrù kan ń ná mi ní nǹkan bíi 4,200, mo sì ń gba 2,500. Nígbà tó bá jẹ́ páàkì kan ló wà nínú rẹ̀, èrè orí rẹ̀ kò tó láti dí àlàfo náà. Ẹni tó bá ti san owó ráídà rí yóò mọ̀ pé òótọ́ ni.

Alágbọn_Àgbádárìgì

Mo ti lóye ìbéèrè náà báyìí, ẹ má bínú. Ṣé kí ó wá fi iye tó ra ẹja hàn wọ́n ni? Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sọ iye tí mo ń ra àgbọn ní Agbálátà, ọ̀la ni oníbàárà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà lórí èrè mi.

Ọlọ́ṣẹ_Ìkòròdú

Rárá, owó gbígbé nìkan ni kó sọ, nítorí òun ni ó fa àyípadà náà. Àwọn kan lórí pápá yìí ti sọ fún mi rí pé bí a kò bá fi gbogbo rẹ̀ hàn, òótọ́ náà kò pé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èrò kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀.

Olùkọ́_Ìgbógbó

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ra ẹja sọ tirẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, èmi nìkan ni mo ń gbé ilé, páàkì kan ló sì máa ń tó mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kì í ṣe pé n kò lówó páàkì kejì. N kò ní fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì ti da ẹja tó hu funfun nù rí. Bí ẹni tó ń tà fún mi bá ní dandan ni kí n ra méjì, ó yẹ kó sọ bí ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ṣe ní bàjẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ sọ̀rọ̀. Ẹja tó bá gbẹ dénú, tó ń dún bí igi nígbà tí a bá fi èékánná kàn án, kì í tètè bàjẹ́. Èyí tó bá ṣì rọ̀ ní ẹ̀yìn orí ló máa ń hu, àti èyí tí a bá dì pa sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná, nítorí pé òógùn rẹ̀ yóò padà sí i lára. Kí ẹ yọ ẹlẹ́ẹ̀kejì kúrò nínú ọ̀rá, kí ẹ fi ìwé wé e, kí ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí ẹ sì máa yá a lórí iná kékeré tàbí sá a sínú oòrùn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. N ó kọ èyí sínú ìkéde náà. Ọ̀rọ̀ yín ló rán mi létí pé mo gbọ́dọ̀ máa dúró kí ẹja tutù pátápátá kí n tó dì í.

Mo tún padà sínú ìwé mi. Ìgbà 22 yẹn kì í ṣe ènìyàn 22 o. Ènìyàn mẹ́sàn-án péré ni, mẹ́rin nínú wọn sì máa ń rà á léraléra.

Ọlọ́ṣẹ_Ìkòròdú

Ìyẹn dára púpọ̀, ó jẹ́ kí iṣẹ́ yín rọrùn. Ẹ má jẹ́ kí mẹ́sàn-án yẹn kà á lórí sítétọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn tó kù. Ẹ pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí méjì nínú wọn bá ń gbé ní àdúgbò kan náà, wọ́n lè dá a pọ̀ sí àdírẹ́sì kan. Ẹni tó bá ń kọjá ní Ẹ̀pẹ́ lè wá gba páàkì kan fúnra rẹ̀, nítorí gbígbé ni ìṣòro yín, títà kọ́.

Ọ̀nà kẹta tún wà. Ẹni tó bá fẹ́ páàkì kan dandan, kó san 4,200 gan-an. Ẹ ó rí 850 lórí rẹ̀, ìyẹn sì ju ohun tí páàkì méjì ń mú wá lọ.

Onígaàrí_Ìtọ́ìkín

Èyí ni mo lòdì sí. Ọjọ́ tí ẹ bá ti sọ pé ẹni tó bá san jù bẹ́ẹ̀ lè rà á, òdiwọ̀n náà ti kú. Gbogbo wọn yóò máa ná ọjà pé kí ẹ gba 3,000, ẹ ó sì gbà á nítorí ojú. Mo ti rí i lọ́wọ́ ara mi.

Ọlọ́ṣẹ_Ìkòròdú

Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó kù sí ọwọ́ bí ẹni tó ń tà ṣe le tó, ẹ̀rù sì ń bà mí láti sọ pé kí gbogbo ènìyàn ṣe é.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

N kò tíì mọ èyí tí n ó ṣe lórí ìyẹn. Ohun tí mo kọ rèé, ẹ bá mi wò ó:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníbàárà wa. Nítorí ìfẹ́ tí a ní sí yín, àti láti lè máa sìn yín dáadáa sí i, a ti mú ètò tuntun wá. Láti ọjọ́ 1 oṣù tó ń bọ̀, páàkì méjì ni ó kéré jù tí a ó máa gbé wá sílé..."

Ọlọ́ṣẹ_Ìkòròdú

Ẹ yọ gbólóhùn ìfẹ́ yẹn. Ẹni tí kò ní lè ra páàkì kan mọ́ ni ẹ ń sọ fún pé ìfẹ́ ló fà á, yóò sì dùn ún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó yí padà, kí ìdí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun tí kò yí padà. Ẹ kọ gbangba pé àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ọ̀fẹ́ náà wà fún, nítorí ẹnì kan ra ọṣẹ ní ìwọ̀n ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ mi rí, ó sì ní kí n pín in sí ilé mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ pé Èkó nìkan ni, kí ẹni tó wà ní Ìbàdàn má bàa rò pé ó kan òun. Ẹ sì wo iye tí Ìkẹjà tàbí ibi tó jìnnà jù ń gbà kí ẹ tó fi í síta. Bí ó bá jẹ́ 5,500, páàkì mẹ́fà ṣì ń fi 1,850 sílẹ̀ fún yín, ó ṣì ṣeé ṣe.

Ẹ yọ àwòrán iye owó àtijọ́ kúrò níbi gbogbo tó bá wà ní ọjọ́ 1 yẹn gan-an. Òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò gbà pé kí a gba iye tó ju èyí tí a kọ síta lọ lọ́wọ́ oníbàárà, àwòrán tí ẹ bá gbàgbé síbẹ̀ ni wọn yóò sì gbé wá bá yín. Ẹ má sì fi owó kún páàkì ní oṣù kan náà. Bí ẹ bá fi 500 kún páàkì kan tí ẹ sì ní gbígbé di ọ̀fẹ́, ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé òun ló ń san án.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

Mo ti tún un kọ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníbàárà mi. Láti ọjọ́ 1 oṣù tó ń bọ̀, páàkì méjì ni yóò kéré jù nínú ẹrù tí n ó máa gbé wá sí ilé yín. Ìdí rẹ̀ ni pé gbígbé ẹrù kan láti Ẹ̀pẹ́ dé ẹnu ọ̀nà yín ń ná mi ní nǹkan bíi 4,200 náírà, 2,500 ni mo sì ń gbà lọ́wọ́ yín. Bí páàkì kan bá dá lọ, àdánù ni mò ń jẹ lórí rẹ̀, n kò sì lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Iye páàkì kan kò yí padà, 6,500 ni. Owó gbígbé kò yí padà, 2,500 ni. Ẹni tó bá ra páàkì mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, sí àdírẹ́sì kan ní Èkó, kò ní san owó gbígbé. Ẹ lè dá a pọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò yín. Ẹni tó bá wá gbà á ní Ẹ̀pẹ́ lè ra páàkì kan. Ẹni tó bá ti sanwó kí ọjọ́ 1 tó pé, bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni n ó ṣe é fún un. Mo ti kọ bí ẹ ṣe lè tọ́jú ẹja tó bá ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀."

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn mẹ́sàn-án yẹn láàárọ̀ yìí. Ẹni mẹ́ta ni mo ti bá sọ̀rọ̀. Méjì gbà. Ẹnì kan dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun yóò rò ó.

Olùkọ́_Ìgbógbó

Èmi kò sí nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tà fún mi bá pè mí tó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n ó bi aládùúgbò mi kan bóyá yóò fẹ́ páàkì kan pẹ̀lú. Ẹ bá wa fi bí a ṣe ń tọ́jú ẹja náà síhìn-ín tí ẹ bá kọ ọ́ tán.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

N ó fi í síhìn-ín ní alẹ́ òní, bàbá. Òjò ń ṣú ní Ẹ̀pẹ́, mo fẹ́ kó ẹja tó wà lórí ààrò wọlé ná.